Aago Lọ́ńdọ̀nù Kàn Wá o: Ẹ Má Fi Aago Ògiri Ṣọ́ Dátà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí a ń kọ kóòdù ní Nàìjíríà fẹ́ràn láti máa sọ: pé yíyí aago síwájú àti sẹ́yìn kò kàn wá. Lóòótọ́ ni pé aago tiwa kì í yí. Lójò lẹ́ẹ̀rùn, wákàtí kan ni Èkó fi ṣíwájú UTC. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mélòó nínú èyí tí à ń ṣe ló dúró sí Nàìjíríà nìkan? Sáfà lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù, oníbàárà lè wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ owó sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èrò tèmi ni pé àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí lè tètè mú, nítorí pé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù máa ń jọra fún oṣù méje lọ́dún.

Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, Lọ́ńdọ̀nù á fi wákàtí kan sẹ́yìn wa fún oṣù márùn-ún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, tó kọ `Africa/Lagos` síbi tó yẹ kó kọ `Europe/London`, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó ṣì í. Yóò dán an wò títí, gbogbo nǹkan á sì máa lọ déédéé. Oṣù Kẹwàá ni àṣírí yóò tú, nígbà tí iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká wá mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan wà tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi fóònù gbà ránṣẹ́ owó sílé, tọ̀sán tòru. Dátábéèsì Lọ́ńdọ̀nù ń kọ àkókò tí wọ́n fi owó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ bí aago ibẹ̀ ṣe wí, kò sì fi kún un bóyá BST ni tàbí GMT. Ní gbogbo wákàtí, kóòdù kan ní Èkó máa ń lọ kó àwọn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí wọ́n lè san owó fún àwọn tó ni ín. Ó máa ń rántí àkókò tó wà lára èyí tó kó gbẹ̀yìn, yóò sì béèrè báyìí:

```sql
SELECT * FROM transfers
WHERE updated_at > :last_seen;
```

Ní òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, nígbà tí aago lu méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá a padà sí aago kan. Ìyẹn ni pé wákàtí tó wà láàárín aago kan sí méjì wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ ní 01:50 nínú wákàtí àkọ́kọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan fi owó oògùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Aago ti yí padà nígbà náà, nítorí náà 01:20 ni wọ́n kọ sára tirẹ̀.

Nígbà tí aago lu méjì òru ní Èkó, kóòdù wa kó owó ẹni àkọ́kọ́, ó sì fi 01:50 ṣe àmì ibi tó dé. Nígbà tó lu mẹ́ta, ó padà lọ béèrè ohun tó wọlé lẹ́yìn 01:50. Lójú tirẹ̀, 01:20 ti di ohun àtijọ́, ó sì fò ó dá. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 01:55 wọlé ní tirẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ pé ó yọrí. Owó ti kúrò ní àpò ọmọ, kò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tó sì jẹ́ pé iwájú nìkan ni àmì náà ń lọ, kò sí wákàtí kankan tí kóòdù yóò padà wá a.

Àwọn mìíràn kì í lo àmì. Wọ́n á ní kí kóòdù wo aago Lọ́ńdọ̀nù, kó sì kó ohun tó wà nínú wákàtí kan tó kọjá. Ní òru kan náà, aago kan yóò lu lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kóòdù yóò kó dátà aago méjìlá sí aago kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì lè san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹta, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọdún 2025, aago fò láti kan sí méjì. Kóòdù tó ṣiṣẹ́ ní aago méjìlá òru tún jí ní aago méjì, ó lọ wo aago kan sí méjì, wákàtí tí kò sí rárá. Dátà aago méjìlá sí kan wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kó o. Kóòdù kan náà ló ń kó dátà lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kẹwàá tó sì ń fo dátà ní oṣù Kẹta.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀? Ẹ má wo àkọsílẹ̀ àṣìṣe, kò ní sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ má sì ka iye lápapọ̀ nìkan, nítorí bí ọ̀kan bá sọnù tí òmíràn sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì, iye yóò bá ara wọn mu. `id` kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wéra ní ìhà méjèèjì fún àwọn ọjọ́ méjì yẹn.

Àwọn kan yóò ní ká kàn máa gbé aago Èkó lọ síbi gbogbo, nítorí kì í yí. Àmọ́ nínú àpẹẹrẹ wa, aago Èkó ló ń jí kóòdù náà, kò sì gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ àkókò sílẹ̀ ni ìṣòro wà. Ohun tó yẹ ni kí Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ ní UTC láti ìbẹ̀rẹ̀. `timestamptz` ní PostgreSQL ń ṣe èyí. Lẹ́yìn náà, kí kóòdù máa padà sẹ́yìn díẹ̀ lórí àmì rẹ̀, kí ohun tó pẹ́ wọlé má bàa ṣubú sáàárín:

```sql
WHERE updated_at >= :last_seen - INTERVAL '10 minutes'
```

Èyí yóò mú kó tún kó àwọn kan lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà kí ìhà Èkó fi `ON CONFLICT (id) DO NOTHING` gbà wọ́n, kí owó kan má wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní tèmi, ìlà yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.

Àtúnṣe yìí kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Bí wọ́n bá ti kọ 01:20 sílẹ̀ láìsọ èwo, a kò lè fi àkókò yẹn nìkan mọ̀ ọ́n. Àfi bí `id` bá ń gòkè ní ẹsẹẹsẹ: ibi tí `id` ti lọ síwájú tí aago sì padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni aago ti yí. Bákan náà, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wáyé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lójoojúmọ́ ṣì nílò orúkọ `Europe/London`. UTC nìkan kò lè gbé ìyẹn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́, ẹ má dúró de oṣù Kẹwàá. Ẹ ṣe dátà àwọn òru méjì yẹn fúnra yín, ẹ fi 01:50 síwájú 01:20, ẹ wá wo iye tó máa dé.