Ìsàlẹ̀ Ògiri ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Wò

Àwọn tó máa ń wo fọ́tò àdúgbò kan kí wọ́n lè sọ ibi tó ti wá sábà máa ń kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé. Bí wọ́n bá ti rí páánù tó dípẹtà lábẹ́ òkè olókùúta, Abẹ́òkúta ni wọ́n máa ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwòrán náà lè jẹ́ ti Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè, níbi tí ilé ti fara ti òkè bákan náà. Ọjà ni páánù, ó ń rìn kọjá ẹnubodè. Ohun tí kì í rìn jìnnà ni amọ̀ ògiri, nítorí ó wúwo, ìtòsí ilé ni wọ́n ti ń wà á.

Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ògiri ni kí ojú kọ́kọ́ lọ, pàápàá ibi tí sìmẹ́ńtì ti bó kúrò. Omi òjò tó ń já láti orí òrùlé máa ń ta sí ibẹ̀, ó ń fọ amọ̀ kíkúnná lọ, ó sì ń fi èyí tó le sílẹ̀. Ní Ìdáàṣà, ilẹ̀ tó ti ara òkúta wá ni wọ́n fi ń mọlé, nítorí náà iyanrìn ńláńlá àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń yọrí síta. Ní Àgbómẹ̀ tó wà ní gúúsù, ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀, tí kò lókùúta, ni wọ́n ń wà. Ibi tí òjò bá jẹ níbẹ̀ máa ń dán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé àwọ̀ ògiri nìkan: oòrùn ìrọ̀lẹ́ àti eruku ọyẹ́ lè sọ gbogbo ògiri di pupa nínú fọ́tò. Hóró inú amọ̀ ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta náà lókùúta. Ibi tí fèrèsé ti wúlò nìyí. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, pẹ̀lú irin níwájú, wọ́pọ̀ gan-an ní ilé Nàìjíríà tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìlẹ̀kùn fèrèsé pátákó tàbí irin tí kò ní gíláàsì rárá ló pọ̀, àti búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n fi ń gba atẹ́gùn wọlé. Lẹ́yìn èyí ni òrùlé tó lè jẹ́rìí: àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Abẹ́òkúta sábà máa ń ní òrùlé tó dà sí apá mẹ́rin, nígbà tí ilé ilẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ dà sí apá méjì, tàbí ẹyọ kan ṣoṣo, pọ̀ ní Ìdáàṣà. Olówó tó ń kọ́lé tuntun lè yan èyí tó wù ú, nítorí náà ẹ̀rí òrùlé kò lágbára tó ti ògiri.

Bí a bá rí ilé ilẹ̀ kan tí hóró òkúta yọ ní ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pátákó, tí búlọ́ọ̀kù oníhò sì wà lókè ìlẹ̀kùn, àárín Bẹ̀nẹ̀ ni kí a wí. Ilé nìkan kò lè ya Ìdáàṣà sọ́tọ̀ kúrò lára Ṣábẹ̀ẹ́, tí òkúta yí òun náà ká. Ẹni tó bá dárúkọ ọ̀kan nínú méjèèjì láìrí àkọlé lójú pópó kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni.