Atalẹ̀ lílọ̀ tó ti pẹ́: ṣé ó léwu ni, àbí agbára rẹ̀ ló ti lọ?

Tí atalẹ̀ lílọ̀ bá ti lo ọdún 4 nínú ìgò tó dé pa, tó sì gbẹ, èmi ò ní dà á nù. Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ ọ́ di májèlé. Epo inú rẹ̀ tó ń ta sánsán ló ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, bíi ti kọ́rì àti táìmù. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka rà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí kò bá ta sí imú mọ́, kò ní pa yín lára, ṣùgbọ́n ẹ má retí adùn.

Ọ̀rinrin ni kí a bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbọn ike atalẹ̀ sórí ìkòkò tó ń hó (ọwọ́ wa yá jù!), oru á sì wọlé sínú ike. Èyí tí a rà ní oṣù 5 sẹ́yìn lè tipa bẹ́ẹ̀ dì, kó sì bu. Àwọn ebu kan máa ń ní oró tí wọ́n ń pè ní afilatósìnì, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè lórí iná kì í pa oró yìí tán, sísá sóòrùn kì í sì í mú un kúrò.

Tó bá jẹ́ atalẹ̀ gbígbẹ tí a kò tíì lọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ. Èyí tó gbẹ dáadáa á dún. Èyí tó bá ń tẹ̀ ti fa omi. Ẹ wo inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí ebu, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ lọ ìyókù: ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Láti òní lọ, ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ máa fi bù ú, kí ike sì jìnnà sí iná.