Ìdí Tí Agbanisíṣẹ́ Fi Lè Fínnúfíndọ̀ San Ju Iye Tí Ọjà Ń San Lọ

Láti oṣù Keje ọdún 2024, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lu òfin owó oṣù tuntun, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ kéde iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ: Èkó kéde ₦85,000, Ọ̀yọ́ sì kéde ₦80,000. Ohun tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí láti ìgbà náà ni bóyá agbanisíṣẹ́ lè san iye tí òfin wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí a kì í sábà bèèrè: kí ló lè mú kí agbanisíṣẹ́ tí òfin kò fi ipá mú, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì daṣẹ́ sílẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ san iye tó ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?

Èrò tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni pé aláàánú ni, tàbí pé kò mọ ìṣirò. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé sọ pé ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n ní owó ọ̀yà kan wà tí ó ga ju ti ọjà lọ, tí ó sì ń mú iṣẹ́ yá tó bẹ́ẹ̀ tí ìnáwó agbanisíṣẹ́ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe fi ń dínkù. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní owó ọ̀yà amúṣẹ́yá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Henry Ford tó wà ní Highland Park, lẹ́bàá ìlú Detroit.

Ní ọdún 1913, Ford gbé ètò iṣẹ́ tuntun kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò rìn yí ọkọ̀ ká mọ́. Ẹ̀rọ ló ń wọ́ ọkọ̀ náà kọjá níwájú rẹ̀, òun a sì máa ṣe ohun kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di alẹ́. Iṣẹ́ yá gan-an, ṣùgbọ́n ó sú àwọn òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 14,000 ènìyàn ni ilé-iṣẹ́ náà nílò, síbẹ̀ ó ní láti gba ènìyàn tó ju 52,000 lọ ní ọdún náà kí iye wọn má baà dínkù. Lójoojúmọ́, nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́wàá kì í yọjú síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ètò tuntun yìí kò fàyè gba ìpàṣíṣẹ́jẹ: bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe lórí ìlà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dúró dè é. Owó tó sì ń bá ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ kò hàn nínú ìwé owó oṣù, nítorí náà ó rọrùn láti gbójú fò ó.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1914, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa san dọ́là 5 lójúmọ́ fún iṣẹ́ wákàtí 8. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí dọ́là 2.34 ni wọ́n ń san fún wákàtí 9. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kún ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà nínú òtútù, débi pé wọ́n fi omi tú wọn ká. Àbájáde rẹ̀ hàn kíákíá. Iye àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi ní ọdún 1914, ó sì tún dínkù sí i ní 1915. Àwọn tó ń pa iṣẹ́ jẹ náà dínkù sí bí ìdá mẹ́rin iye wọn àtijọ́. Nígbà tí Daniel Raff àti Lawrence Summers yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 1987, wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe pọ̀ sí i, èrè ilé-iṣẹ́ náà sì pọ̀ sí i pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ford san owó náà kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè ra ọkọ̀ rẹ̀. Ìṣirò kò gbe èyí lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ tó ju 200,000 lọ ni ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní ọdún 1914. Bí gbogbo àwọn 14,000 náà bá tilẹ̀ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tí owó náà rà ni ìdúróṣinṣin. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn tó lè rí kò ní san ju ìdajì owó rẹ̀ lọ kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré, pàápàá nígbà tó bá ń wo ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wá ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló rí dọ́là 5 náà gbà. Ẹni tí kò bá tíì lo oṣù 6 kò sí lára wọn, a sì yọ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tún ń rán àwọn olùwádìí lọ sílé òṣìṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ń mu ọtí, bóyá ilé rẹ̀ mọ́, àti bí ó ṣe ń ná owó rẹ̀. Àsìkò náà sì ń yí padà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí ọjà gbówó lórí, dọ́là 5 kò jẹ́ ohun ìyanu mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di dọ́là 6 ní ọdún 1919. Bí owó ọ̀yà bá ti bá ti ọjà dọ́gba, agbára rẹ̀ tán.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí Carl Shapiro àti Joseph Stiglitz kọ ní ọdún 1984 ti wọlé. Wọ́n bèèrè pé: bí gbogbo agbanisíṣẹ́ bá ń san owó gíga ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá lé níbi kan yóò rí irú owó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ẹ̀rù kò ní bà á mọ́. Ṣùgbọ́n owó gíga náà kò ní jẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba gbogbo ẹni tó ń wá iṣẹ́. Àìríṣẹ́ṣe ni yóò wá di ohun tó ń mú kí ẹni tó ní iṣẹ́ di tirẹ̀ mú. Ohun tó ṣe ilé-iṣẹ́ kan láǹfààní lè fi àwọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

Báwo wá ni agbanisíṣẹ́ ṣe lè mọ̀ bóyá ó yẹ òun? Ẹ jẹ́ kí á fi ilé búrẹ́dì kan ṣe àpèjúwe. Òṣìṣẹ́ 10 ló ní, ₦80,000 ló ń san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù. Bí ó bá sọ ọ́ di ₦100,000, àfikún rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Ká ní òṣìṣẹ́ 3 ló ń lọ lóṣooṣù, tí àlọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ná an ní ₦70,000: ìyẹ̀fun tí ẹni tuntun bàjẹ́, búrẹ́dì tó jóná, oníbàárà tí kò padà wá, àti àkókò tí ọ̀gá fi ń kọ́ni. Àdánù rẹ̀ jẹ́ ₦210,000. Bí owó tuntun bá mú kí ẹnì kan ṣoṣo máa lọ ní oṣù méjì méjì, àdánù náà yóò di ₦35,000 lóṣù. Ohun tó rí gbà padà jẹ́ ₦175,000. Ó ku ₦25,000, inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìyẹn ti gbọ́dọ̀ jáde: kí àwọn tó ń pẹ́ lẹ́yìn dínkù, kí búrẹ́dì tó bàjẹ́ sì dínkù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnì kan péré ló ń lọ lóṣù tẹ́lẹ̀, gbogbo àdánù rẹ̀ kò ju ₦70,000 lọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfikún ₦200,000 lè sọ ọ́ di onígbèsè.

Nítorí náà, kí agbanisíṣẹ́ tó sọ pé òun kò lè san ju iye tí ọjà ń san lọ, kí ó kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tó fi í sílẹ̀ láàárín ọdún kan, kí ó sì ṣírò ohun tí àlọ wọn ná an. Òṣìṣẹ́ tó bá sì ń béèrè àfikún ní àwíjàre tó dára nínú ìṣirò yẹn kan náà, bí ó bá lè fi hàn pé àlọ òun yóò ná ọ̀gá ju àfikún náà lọ.