Èrò agbẹjọ́rò kì í san owó ilẹ̀ padà

Àwọn kan ń sọ nínú ìpàdé pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kó san owó fún agbẹjọ́rò kó bá a wo ìwé, ọ̀rọ̀ parí. A ò gbà.

Èrò ni agbẹjọ́rò ń tà. Ó wo ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó ní lójú tòun, ilẹ̀ náà dára. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, tí ilẹ̀ wá bọ́ lọ́wọ́ yín, kò jẹ yín ní nǹkan kan. Àfi kí ẹ fi hàn nílé ẹjọ́ pé ó jáfara.

Wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà. Ní Filadẹ́fíà, Watson ra ilẹ̀ nípasẹ̀ Muirhead, ẹni tó máa ń tọ́ ìwé ilẹ̀ fún èèyàn. Muirhead rí gbèsè tí ilé ẹjọ́ ti dá, ó bi agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò ní kò kan ilẹ̀ náà. Irọ́ ni, ó kàn án. Ní 1868, ilé ẹjọ́ gíga Pẹnsilfáníà ní Muirhead kò jẹ̀bi, torí ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò ló tẹ̀lé. Watson ló ru ẹrù náà. Nígbà tó di 1876, ilé-iṣẹ́ asíráńsì ìwé ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nílùú yẹn. Asíráńsì yìí kì í wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ ra ilẹ̀. Bí àbùkù tó ti wà ṣáájú bá jáde, wọ́n á gba agbẹjọ́rò fún yín, wọ́n á sì san àdánù dé iye tí wọ́n kọ.

Ká mú un wálé. Ká ní ọmọ wa kan ní Kútọnu ra ilẹ̀ mílíọ̀nù 2 sẹfà lọ́wọ́ ọmọ ìyá mẹ́ta. Méjì tẹ̀ka, ẹnìkan tẹ̀ka fún ẹ̀kẹta tó wà ní Abijan, láìsọ fún un. Agbẹjọ́rò rí ìka mẹ́ta, ó ní ó pé. Lọ́dún kẹrin, ẹ̀kẹta dé, ó ní òun ò tà. Agbẹjọ́rò á ní ayédèrú ò hàn lójú ìwé, òótọ́ sì ni. Ọmọ wa á máa lé àwọn tó tà á kiri. Bí ó bá ní asíráńsì, á rí mílíọ̀nù 2 rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ilé tó kọ́ sórí rẹ̀ kò sí nínú iye yẹn. Bí ó bá sì mọ̀ nípa ẹ̀kẹta tí ó dákẹ́, kò ní rí kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn ní títù fọ́ńsíè tó. Òfin 2013 ní kò ṣeé yí padà, àyàfi bí ẹ̀tàn tàbí àṣìṣe bá wà. Ẹ̀tàn kẹ̀! Ìgbà wo ló ti wọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀?

A mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ta irú asíráńsì yìí fún wa ní Soklogbo. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dé, wọn ò ní gba ilẹ̀ tí a ò mọ iye àwọn tó ni ín. Nítorí náà, kí olùrà fi apá kan owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́tẹ̀ títí ìwé fi máa jáde lórúkọ rẹ̀. Kí àwọn tó tà á sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo wọn á jọ san owó padà bí ẹlòmíràn bá wá gba ilẹ̀. Ìjòyè tí wọ́n bá gbé ìwé wá bá lóṣù tó ń bọ̀, kó tó fọwọ́ sí i, kó bèèrè: ẹ̀kẹta yín dà?