Páàdì Kò Kú, Ètò Rẹ̀ Ni Kò Tò

Láti ọwọ́ Ọ̀jẹ̀ Géèmù

Bí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà bá ki okùn páàdì bọ ẹ̀rọ, tí géèmù kò dá a mọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ ni pé páàdì ti kú. Bí agbábọ́ọ̀lù bá sì ń rìn láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pá, wọ́n á fa àyè òkú, èyí tí ojú géèmù ń kọ sí Deadzone, lọ sókè títí yóò fi dúró. Ìwà méjèèjì kò bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ń tò ó ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ.

Windows ló yẹ kó kọ́kọ́ rí páàdì, kí ọ̀rọ̀ tó kan géèmù. Kí onítọ̀hún tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, kó kọ èyí síbẹ̀:

```
joy.cpl
```

Bí orúkọ páàdì bá yọ, okùn kò níṣòro. Bí kò bá yọ, okùn gan-an ni kí a kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ó bá jẹ́ okùn tó ṣeé yọ lára páàdì. Àwọn okùn ṣájà fóònù kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Iná páàdì á tàn yòò, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan dé.

Nígbà mìíràn orúkọ á yọ, géèmù á ṣì máa ṣe bí ẹni pé kò rí i. Ọ̀rọ̀ XInput àti DirectInput nìyẹn. DirectInput ló dàgbà jù. XInput dé pẹ̀lú páàdì Xbox 360 ní 2005, òun nìkan sì ni ọ̀pọ̀ géèmù ìwòyí ń gbọ́. Ẹ̀yìn páàdì Logitech F310 ní ibi tí a ti ń yí i láti D sí X. Páàdì olówó pọ́ọ́kú tí kò ní irú rẹ̀ nílò ògbufọ̀, Steam sì lè ṣe iṣẹ́ náà láti abẹ́ Settings, ní Controller.

Ẹ jẹ́ ká mú irú páàdì bẹ́ẹ̀ kan, tó ní àmì onígun mẹ́ta, òbìrí, àgbélébùú àti onígun mẹ́rin. Nínú Properties ní joy.cpl, bí a bá tẹ onígun mẹ́ta, nọ́ńbà 1 ló máa tàn. Òbìrí ni 2, àgbélébùú ni 3, onígun mẹ́rin ni 4. Géèmù tó gbà pé bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ni A yóò wá fi onígun mẹ́ta ṣe iṣẹ́ àgbélébùú. Ìtúmọ̀ tó tọ́ nìyí:

```
a:b2,b:b1,x:b3,y:b0
```

Láti 0 ni wọ́n ti ń kà á níbí, ìdí nìyẹn tí 3 fi di b2. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kọ ọ́: Steam á máa fi bọ́tìnnì hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́.

Àyè òkú ló yẹ kó kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Àwọn kan á ní Microsoft fúnra rẹ̀ dábàá 7849 nínú 32767 fún ọ̀pá òsì, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ géèmù kò mọ páàdì ta ni yóò bá pàdé. Ẹni tó ni páàdì lè wọ̀n ọ́n. Kó wọ Settings nínú Properties ní joy.cpl, kó tẹ Calibrate, kó sì ní kó fi nọ́ńbà gan-an hàn. Kó ti ọ̀pá sí òsì, kó jù ú sílẹ̀. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tún, sókè àti sísàlẹ̀. Ká ní àárín jẹ́ 127, tí ọ̀pá dúró sí 121 nígbà kan, tó dúró sí 134 nígbà mìíràn. Èyí tó jìnnà jù fi 7 kúrò láàárín, ìyẹn bí ìdá 6 nínú 100. Ìdá 8 ti tó fún un. Kó tẹ Cancel, kó má bàa yí ohun tí Windows ti mọ̀ padà.

Ibì kan ṣoṣo ni kó kọ ìdá 8 náà sí. Bí Steam bá gé 20 kúrò, tó sì tún na ìyókù, tí géèmù tún gé 20 nínú ohun tó kù, ọ̀pá gbọ́dọ̀ rin 36 nínú 100 kí agbábọ́ọ̀lù tó mira. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa sọ pé géèmù ń lọ́ra.

Páàdì tó yẹ kí a rọ́pò ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń dúró síbi ọ̀tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá jù ú sílẹ̀, tó sì ń jìnnà ju ìdá 20 lọ. Kò sí àyè òkú tó lè gba irú rẹ̀ là.