Ẹni tó ń bóra l'Àbújá: bí a ṣe lè jáwọ́ láìṣe ara léṣe

Ọ̀rọ̀ ìpara abóra la gbé wá lónìí. Lọ́dún 2023, àjọ NAFDAC kéde pé bíbó àwọ̀ ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, olùdarí àgbà àjọ náà, tọ́ka sí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2018 tó ní nínú 100 obìnrin Nàìjíríà, 77 ló ń lo nǹkan tó ń bóra. Bí iye yẹn bá pọ̀ jù o, bí kò pọ̀ jù o, ẹni tó bá ti rìn yí Ọjà Wúsè ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ.

Láti ìgbà náà la ti ń gbọ́ pé "Ẹ jáwọ́ o." Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ ohun tí àwọn obìnrin wa, àti àwọn ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn wọn, máa ń bi wá ni pé báwo lèèyàn ṣe ń jáwọ́ gan-an? Ìdáhùn rẹ̀ kò rí bákan náà fún gbogbo ìpara. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé òní olónìí ló yẹ kéèyàn pa á tì. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ti lò ó fún ọdún mẹ́ta tó wá dédé pa á tì lè dá kú sílẹ̀. Ohun tó wà nínú ike ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Oògùn mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìpara abóra. Èkíní ni háídírókúínónì, tí lẹ́tà rẹ̀ lára páálí jẹ́ H-Y-D-R-O-Q-U-I-N-O-N-E. Ńṣe ló ń dí ara lọ́wọ́ kó má lè ṣe èròjà tó ń mú awọ dúdú. Èkejì ni mẹ́kúrì, M-E-R-C-U-R-Y, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Hg. Májèlé ni, ó máa ń gba awọ wọlé lọ ba kíndìnrín jẹ́, òfin kò sì gbà á láyè nínú ìpara. Ẹ̀kẹta ni sítẹ́rọ́ìdì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kilobẹ́tásọ́ọ̀lù, C-L-O-B-E-T-A-S-O-L, èyí tó tẹ̀ lé e sì ni bẹ́támẹ́tásónì, B-E-T-A-M-E-T-H-A-S-O-N-E. Oògùn gidi ni àwọn wọ̀nyí. Dókítà máa ń kọ wọ́n fún ẹni tí àrùn awọ ń bá jà. Ìwé dókítà ló yẹ kéèyàn fi rà wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹni ra pàrásítámọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rà wọ́n ní kẹ́mísì ojú títì.

Sítẹ́rọ́ìdì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, torí òun ló ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, òun náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé lórí kilobẹ́tásọ́ọ̀lù ni pé kó má ju 50 gíráàmù lọ lọ́sẹ̀ kan, kó má sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tẹ̀léra. Wàyí o, ká ní obìnrin kan wà ní Ńyányà tó ń ta aṣọ. Ẹni tó ń bá a po ìpara já tíúbù kilobẹ́tásọ́ọ̀lù márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 gíráàmù, sínú ìpara olómi 500 mílílítà. 150 gíráàmù nìyẹn. Bí ó bá ń fi pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ike náà tán ní ọ̀sẹ̀ méjì, a jẹ́ pé 75 gíráàmù ló ń lò lọ́sẹ̀ kan. Ó ti fi ìdajì ju ìwọ̀n lọ. Ohun tí wọ́n ní kéèyàn má lò kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sì rèé, ọdún mẹ́ta ló ti ń lò ó. Bẹ́ẹ̀, kò rí orúkọ kilobẹ́tásọ́ọ̀lù rí, torí ike tí wọ́n kó o sí kò ní páálí.

Kí ló máa kọ́kọ́ rí? Awọ rẹ̀ á máa dán, á sì fẹ́lẹ́. Iṣan aláwọ̀ ewé á máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fara gbo ilẹ̀kùn lásán, ibẹ̀ á bó tàbí kó dọ́gbẹ́, ọgbẹ́ náà á sì pẹ́ kó tó san. Ìdí rẹ̀ ni pé sítẹ́rọ́ìdì ń dá iṣẹ́ dúró fún ohun tó ń hun okùn inú awọ, okùn tó mú kí awọ lágbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi máa ń ṣàròyé pé ara ẹni tó ti bóra pẹ́ kì í di abẹ́rẹ́ àti òwú mú dáadáa. Ẹni tó máa bímọ nípa iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni ìlà á yọ sí abẹ́ apá, itan, ikùn àti ìgbọ̀nwọ́, á fẹ̀, á sì jinlẹ̀ bí ilẹ̀ tó sán nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Abẹ́ awọ ló ya, kì í ṣe òkè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìpara kankan ò fi lè rán an padà.

Ti oríkèé ìka tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, pé ojú Fáńtà, oríkèé Kóòkì, ó ní ìdí tirẹ̀. Awọ oríkèé nípọn ju ti ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ó wunjọ, à ń ká a, à ń nà án, oòrùn sì ń pa á. Kì í mu ìpara bí awọ tó fẹ́lẹ́ ṣe ń mu ún. Gbogbo àyíká rẹ̀ á pupa, òun á dúró síbi tó wà. Bí háídírókúínónì bá wà nínú àpòpọ̀ náà, tó sì pẹ́ lára pẹ̀lú oòrùn, ó lè sọ ibi tí oòrùn ń pa di dúdú bí èéfín, pàápàá lẹ́rẹ̀kẹ́ lábẹ́ ojú. Ẹni tó bá rí i á ní ìpara òun ò tíì lágbára tó, á tún fi kún un. Ìpara náà gan-an ló fa dúdú yẹn.

Ó ku bó ṣe máa jáwọ́. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì, ohun kékeré kan jókòó tó ń ṣe sítẹ́rọ́ìdì tí ara nílò láti gbé ẹ̀jẹ̀ àti agbára ró. Bí èyí tó ń wọlé láti inú ìpara bá ti pọ̀ jù, ohun kékeré yìí á sùn lọ. Bí ìpara bá wá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan, bóyá owó ò tó mọ́, bóyá ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ọjà ẹni tó ń pò ó, ara á wà láìní ti ìta, láìní ti inú. Èyí la fi ń sọ pé gbígba ìpara lọ́wọ́ oníṣòwò nìkan ò tó. Ó yẹ kí ẹni tó ti ń lò ó ní ibi tó máa lọ.

Obìnrin Ńyányà yẹn gbọ́dọ̀ gbé ike rẹ̀, pẹ̀lú tíúbù òfìfo bí ó bá rí, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn, kó sọ òótọ́: ọdún mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, apá ibo lára. Bí wọ́n bá ní kó lọ rí dókítà awọ, ó lè lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá tó wà ní Gwagwaládà. Dókítà lè ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, torí àárọ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì ara ẹni máa ń pọ̀ jù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun kékeré yẹn ti sùn. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà pẹ̀lú, torí sítẹ́rọ́ìdì máa ń gbé méjèèjì sókè.

Lẹ́yìn èyí ni àtẹ̀gùn sísọ̀. Dókítà lè pààrọ̀ kilobẹ́tásọ́ọ̀lù sí èyí tí kò le tó o, kó ní kó máa pa á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó di ọjọ́ kan sí méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tó wá dáwọ́ dúró. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ara ti sùn jù, wọ́n lè fún un ní oògùn oníhóró fúngbà díẹ̀. Aláboyún ní tiẹ̀, kó tètè sọ ọ́ níbi tó ti ń gbàtọ́jú oyún.

Láàárín àsìkò yìí, awọ lè pupa, kó máa ta bí ata, kó máa bó, kí oríṣiríṣi róró sì yọ síjú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn, torí bí wọ́n bá fi ìpara náà sí i, ó máa ń rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó padà lọ bá dókítà ni, kì í ṣe oníṣòwò. Àmọ́ bí ó bá ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ tí ó bá dìde, tí kò lókun nínú rárá, tàbí tó dá kú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìpara sítẹ́rọ́ìdì ló ń lò. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n lè máa tọ́jú ibà.

Ti háídírókúínónì àti mẹ́kúrì kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá dá yín lójú pé sítẹ́rọ́ìdì ò sí nínú rẹ̀, ẹ dá a dúró lónìí. Ti mẹ́kúrì, ẹ dé ike rẹ̀ pa, ẹ fi ọ̀rá dì í, kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án, ẹ má sun ún, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ fọ aṣọ ìnura àti aṣọ ibùsùn, kí ẹ sì ní kí dókítà yẹ kíndìnrín yín wò. Ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Wúsè Zone 7, ẹ bi wọ́n bí ẹ ó ṣe kó o dànù. Ṣùgbọ́n bí ike ò bá ní páálí, ẹ kà á sí pé sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ rí i.

Ohun tí awọ nílò kò wọ́n. Ọṣẹ tí kò ta, òrí tàbí fasilíìnì lásán, pàápàá ní ọyẹ́ Àbújá yìí, agboòrùn àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, àti ìpara agboòrùn SPF 30 bí agbára bá ká a. Ẹ má fi kànhìnkànhìn le ha ara. Ẹ má ra ìpara tí wọ́n ń tà fún oríkèé, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jó awọ, ibi tó bá sì jó máa ń dúdú sí i.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ nípa ohun tó máa padà. Àwọ̀ yín á padà, á kọ́kọ́ rí ṣákaṣàka kó tó dọ́gba. Awọ á tún nípọn díẹ̀ láàárín oṣù púpọ̀. Ìlà ara á ṣá, kò ní parẹ́. Dúdú bí èéfín yẹn ṣòro ó kúrò. Oríkèé kì í dà bí ìṣòro mọ́ bí ara tó yí i ká bá ti padà sí àwọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má fi ẹni tó ń dúdú padà ṣe yẹ̀yẹ́, torí yẹ̀yẹ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sídìí ike. Ẹni tó bá sì ń lò ó lọ́wọ́, kó gbé ike náà dé ọ̀dọ̀ dókítà kó tó jù ú nù.