Ìdí Tí Ìwé Ààbò fi Wọ́n Ju Ìwé Ìrètí Lọ

Olùkọ́ kan láti Agége, tó ní ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Ó ti kà nípa ọjà Ṣìkágò, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìpín láti 1973. Ó bèèrè pé kí ló dé tí ìwé tó ń dáàbò bo ni lọ́wọ́ ìjábọ́ ọjà fi sábà wọ́n ju èyí tó ń retí ìgòkè lọ, nígbà tí àwọn méjèèjì jìnnà bákan náà sí iye ọjà òní.

Ìwé ààbò yìí ni wọ́n ń pè ní púùtù. Ẹni tó rà á lè ta ìpín rẹ̀ ní iye àdéhùn, bó ti wù kí ọjà já tó. Kọ́ọ̀lù ni ìwé kejì: ẹni tó rà á lè ra ìpín ní iye àdéhùn, bó ti wù kí ọjà gòkè tó. Owó tí a bá fi ra ìwé kì í padà mọ́. Ti ẹni tó tà á ni, nítorí òun ló gba ewu náà sọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò, ká sì fi èlé owó sílẹ̀. Ká ní ìpín kan ń lọ ní ₦10,000 lónìí. A fẹ́ ra púùtù ti ₦9,000 àti kọ́ọ̀lù ti ₦11,000, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí òǹtajà bá gbà pé ìrugùdù ọjà jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lọ́dún lọ́nà méjèèjì, kọ́ọ̀lù á jẹ́ nǹkan bí ₦95, púùtù á jẹ́ ₦71. Ẹ ò rí i pé kọ́ọ̀lù gan-an ni ìbá wọ́n jù! Ṣùgbọ́n ká ní òǹtajà fi ìrugùdù 25 ṣírò púùtù, tó sì fi 17 ṣírò kọ́ọ̀lù. Púùtù á di ₦132, kọ́ọ̀lù á di ₦59. Irú ìyàtọ̀ tó wà láàárín 25 àti 17 yìí ni a ń sọ pé ọjà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí ló ń tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó ní ìpín lọ́wọ́ pọ̀ ju ẹni tí kò ní lọ nínú ọjà náà, ìjábọ́ sì ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Wọ́n ń wá púùtù kiri. Àwọn kan náà ló ń ta kọ́ọ̀lù lórí ìpín wọn kí wọ́n lè rí owó díẹ̀ gbà, ni kọ́ọ̀lù bá pọ̀ lọ́jà, tó sì rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọlọ́pẹ máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ, kì í fi igbà já bọ́. Ọjà ìpín ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè já lọ́jọ́ kan, ìrugùdù rẹ̀ á sì pọ̀ sí i bó ti ń já. Ẹni tó ta púùtù gbọ́dọ̀ gba owó ewu yẹn sílẹ̀.

Ní Nìú Yọ́ọ̀kì, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1987, òṣùwọ̀n Dáò já ní ìdá 22.6 nínú 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣáájú ọjọ́ náà, ìrugùdù tí wọ́n fi ń ṣírò ìwé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Láti ìgbà náà ni púùtù ti wọ́n. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwa náà rí tiwa l'Ékòó: òṣùwọ̀n ọjà ìpín kọjá 66,000 ní oṣù Kẹta 2008, ó sì ti já sí nǹkan bí 20,000 lẹ́yìn ọdún kan. Ọdún 2023 ló tó padà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé bó ti rí nìyí nínú gbogbo ọjà. Ẹ wo kòkó, tí J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn ní Agége ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Nígbà tí iye kòkó wó ní 1920 sí 1921, àgbẹ̀ ló jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kòkó ṣe ọjà ń bẹ̀rù ọ̀wọ́n: kòkó tí kò tó dọ́là 3,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá 2024. Bí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá gbòde, kọ́ọ̀lù ni yóò wọ́n jù. Ibi tí ẹ̀rù bá wà ni ọ̀wọ́n ń lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọjà tẹ̀ sí, ẹ má ṣe fi náírà nìkan wé náírà. Ìrugùdù tí a fi ṣírò ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wéra. Bí púùtù bá sì wọ́n, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ pé ọjà fẹ́ já. Ẹni tó ń rà á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta lè san ₦132 nígbà mẹ́wàá láìrí ọjọ́ tí yóò lò ó, bí ẹni tó sanwó ọdẹ tí olè kò wá. Owó ọdẹ ló san, ẹ má pè é ní owó èrè.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.